Ìdí Tí Mo Fi Ń Kan Ilẹ̀kùn Yín

Bí ẹ bá fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ béèrè rẹ̀ ládùúgbò yẹn, ẹ ó béèrè títí ẹnu yín á fi bó, kò sẹ́ni tó máa júwe ilé fún yín. Ẹ sáà ti ní Bọ́ńjúù, ọmọ ọdún mẹ́ta á fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà nísàlẹ̀ ilé alájà méjì. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, láàárín pírìǹtà tó ń wúkọ́ àti fáànù tó ń mi orí bí ẹni tí kò gbà pẹ̀lú ohunkóhun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Olùkọ́ èdè Faransé ni tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ ọ fún ọdún gbọọrọ nílé ẹ̀kọ́ gírámà kan, títí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fi jókòó lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní àwọn ọmọ ò fẹ́ Faransé mọ́, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ní kó máa lọ. Ó lọ lóòótọ́, ó sì lọ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Bí ìyẹn ò bá pa yín lẹ́rìn-ín, kò pa òun náà lẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń kó ẹrù lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sọ Faransé pọ̀ nílùú náà, wọ́n sì máa ń polówó pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́ tó gbọ́ èdè náà. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ ìpolówó ni pé kí olúwarẹ̀ fi ímeèlì ránṣẹ́ ní Faransé, kó so síífíì rẹ̀, ìwé tó to ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mọ́ ọn, kó sì so lẹ́tà tó sọ ìdí tó fi ń wá iṣẹ́ náà mọ́ ọn pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti máa ń yọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó lè fi Faransé bá oníbàárà dúnàá-dúrà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ní kó kọ ìlà mẹ́ta sí ẹni tí kò mọ̀ rí, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ọ̀dọ̀ Bọ́ńjúù ni wọ́n máa ń gbà lọ.

Kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde nídìí òun láìkọ́ nǹkan. Á ní kí wọ́n kọ́kọ́ so fáìlì mọ́ ọn kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan, torí ẹni tó bá fi síso ṣe ìgbẹ̀yìn á gbàgbé, á wá máa sọ fún ọ̀gá ọlọ́gàá pé kó wo ohun tí òun so, kò sì so nǹkan kan. Á ní kí wọ́n fi orúkọ ara wọn pe fáìlì, kí wọ́n yéé pè é ní "síífíì tuntun tó kẹ́yìn pátápátá." Á ní kí wọ́n kọ ọ́ sójú ìlà àkọlé, *Candidature au poste de*, ìyẹn ìwé ìwáṣẹ́ fún ipò, kí wọ́n wá dárúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń wá, kí ẹni tó ń ka ímeèlì rẹpẹtẹ lè mọ ohun tó wà nínú tiwọn kó tó ṣí i. Èyí tó máa ń tẹnu mọ́ jù ni pé ímeèlì kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà ni àlejò tó fẹ́ wọlé wá sọ̀rọ̀. Ímeèlì ni ẹni tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, tó kí onílé, tó ní àlejò yín rèé o, tó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó sin àlejò wá kì í gba ọ̀rọ̀ mọ́ àlejò lẹ́nu.

Torí náà, tó bá kan lẹ́tà, ó lè fi odindi ọ̀sán bá ẹnì kan ṣoṣo jókòó. Á bi í níbi tó ti kọ́ èdè náà, á bi í nípa iṣẹ́ tó ti ṣe rí àti èyí tí wọ́n ti lé e kúrò níbẹ̀, á bi í nípa ohun tó ń jẹ́ kó jí láàárọ̀. Lẹ́tà ẹnì kan kò jọ ti ẹnì kejì rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ímeèlì ńkọ́? Ẹyọ kan ló ní. Ó ti yọ ọ́ lẹ́gbọ̀n-ọ́n títí kò fi sí ohun tó ṣeé yọ nínú rẹ̀ mọ́. Báyìí ló ṣe lọ:

*Madame, Monsieur,*

*Suite à votre annonce, j'ai l'honneur de vous adresser ma candidature. Vous trouverez en pièces jointes mon curriculum vitae et ma lettre de motivation : le premier dit ce que j'ai fait, la seconde dit pourquoi je frappe à votre porte.*

*Je reste à votre disposition pour un entretien et vous prie d'agréer, Madame, Monsieur, mes salutations distinguées.*

Ìkíni wà níbẹ̀, ìdágbére wà níbẹ̀, bí àwọn tó ni èdè náà ṣe ń fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Àmọ́ àárín rẹ̀ ni ọkàn Bọ́ńjúù wà. Ẹ wo ohun tí mo so mọ́ ọn, síífíì mi àti lẹ́tà mi: ìkínní sọ ohun tí mo ti ṣe, ìkejì sọ ìdí tí mo fi ń kan ilẹ̀kùn yín. Kò rí i kà níbì kankan. Ọ̀sán ọjọ́ òjò kan ló bọ́ sí i lẹ́nu, nígbà tó ń kọ̀wé fún obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ó kà á, ó tún un kà, orí rẹ̀ wú. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kọ̀wé lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò gba gbólóhùn yẹn lọ. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: òun nìkan ni ohun tó dá láyé tí kò sẹ́ni tó bá a dá a, ó sì ń fún gbogbo ayé.

Ọdún tí mo ń wí yìí, ìpolówó kan jáde. Iléeṣẹ́ akẹ́rù kan ń wá akọ̀wé tí á máa fi Faransé dá àwọn oníbàárà lóhùn, ìwé ni iṣẹ́ náà láti òkè dé ilẹ̀. Wọn ò fẹ́ ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún. Bọ́ńjúù máa pé àádọ́ta kí ọdún náà tó parí. Ó ka ìpolówó náà lórí ìdúró, ó jókòó, ó tún un kà. Iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ bí i rèé, ó sì mọ̀ pé bí eléyìí bá lọ, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún. Arúgbó náà ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ etí rẹ̀ ṣì mú ju ti ológbò lọ.

"Màámi, iléeṣẹ́ kan ń wá ẹni tó gbọ́ Faransé."

"Èdè imú yẹn?"

"Òun ni, mà."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí ẹ." Ìyá náà rọra na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú. "Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Mo sọ fún wọn. Mo sọ fún gbogbo wọn."

Ìyá yìí ló rán an lọ kọ́ èdè náà ní gbogbo ìgbà tí àwọn ẹbí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan bi ìyá náà láàárín èrò pé tí ọmọ náà bá kọ́ ọ tán, ta ló máa bá a sọ ọ́, ṣé ewúrẹ́ ni? Ẹ̀gbọ́n bàbá náà ti kú, àmọ́ ìyá náà ò tíì dá a lóhùn tán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ojúlé ti gbọ́ pé Bọ́ńjúù fẹ́ẹ́ lọ máa fi Faransé kọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ amúlétutù. Láti ìgbà náà, bó bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ni ìyá náà ti ń béèrè pé, "Wọ́n ti dáhùn?" Kò sì tíì kọ nǹkan kan ránṣẹ́ nígbà yẹn.

Ohun tí kò jẹ́ kó tètè kọ tirẹ̀ ni pé àwọn oníbàárà kò jẹ́. Ìpolówó kan náà ni gbogbo wọn ń gbé bọ̀. Onídìrí tó gbọ́ Faransé láti kékeré gbé e wá. Ọmọkùnrin kan tó jáde ní yunifásítì gbé e wá, tòun ti àbúrò rẹ̀. Àwọn kan gbé e wá láti apá kejì ìlú, torí wọ́n ti gbọ́ pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìwé rẹ̀ dùn ún kà. Nígbà tí èyí tó máa fi pé mẹ́wàá wọlé, ó wo ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà wò ó. Ọmọ tó lè bí ni ọ̀gá yìí, ìwà rẹ̀ ò sì burú.

"Àǹtí, oníbàárà ni wọ́n," ó rọra wí.

"Mo mọ̀. Ṣé mo ní kí wọ́n padà?"

Mi ò ní parọ́ fún yín pé èṣù ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó rò ó. Ó rò ó pé òun lè fi nǹkan kékeré kan sílẹ̀ nínú tiwọn, kí òun ba ìdágbére jẹ́ díẹ̀, kí òun fi ìkíni ọ̀rẹ́ kí ọ̀gá. Ta ni nínú wọn ló máa mọ̀? Kò ṣe é. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ẹni mímọ́ o. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kó má dáa. Ó kọ́kọ́ so fáìlì wọn mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi ímeèlì kan ṣoṣo tó ní sin gbogbo wọn dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kan náà.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi ló wá kọ tirẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà wà ní títì, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ bí kò ṣe ọ̀gá tó ń tú pírìǹtà palẹ̀ nínú ìyẹ̀wù. Síífíì kò gba àkókò. Lẹ́tà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lẹ́mìí. Gbogbo ìbéèrè tó máa ń bi àwọn èèyàn, kò tíì bi ara rẹ̀ rí. Ó kọ nípa ọdún kan tó lò nílẹ̀ òkèèrè nígbà tó ń kọ́ èdè náà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé tì. Ó kọ nípa ọmọ ilé ìwé kan tó jẹ́ akólòlò nínú èdè abínibí rẹ̀, tí kì í kólòlò tó bá ń sọ Faransé. Ó kọ ọ́ pé òun ti ń sọ ìdí táwọn ẹlòmíì fi ń wá iṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, òun fẹ́ẹ́ sọ tòun. Nígbà tó kà á parí, omi ti dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Inú rẹ̀ dùn. Ó pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó wá ku ímeèlì. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù jáde wá, ọwọ́ rẹ̀ dúdú pẹ̀lú yíǹkì, ó na ọrùn wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Àǹtí, ẹ má fi èyí ránṣẹ́ báyìí. Ẹ yí i padà. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ fún gbogbo wọn."

"Kí n yí i sí kí ni?"

"Ẹ ṣe é bí àwọn èèyàn yòókù ṣe máa ń ṣe é. Ẹ kàn ní kí wọ́n wo ohun tí ẹ so mọ́ ọn."

Ó gbìyànjú ẹ̀, mi ò ní fi dù ú. Ó kọ ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́, *Veuillez trouver ci-joint*, ó wò ó. Kò sí àbùkù lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ó pa á rẹ́. "Èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ yìí," ó wí. "Ẹni tó yá èèyàn láṣọ, ṣé ìhòòhò ni òun wá máa rìn?"

"Àǹtí, bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

"Ó dáa, jẹ́ n máa fọwọ́ gbẹ́ ẹ." Ó tẹ ibi ìfiránṣẹ́, ímeèlì náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, onídìrí ló kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé fóònù rẹ̀ sí Bọ́ńjúù níwájú. Ìlà méjì péré ló wà níbẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní iléeṣẹ́ àwọn kì í gba ìwé ìwáṣẹ́ tí wọ́n dà kọ. Kí Bọ́ńjúù tó lanu, ọmọ yunifásítì ti dé pẹ̀lú tirẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kún.

"Àǹtí, ẹ ò jalè, mi ò ní ẹ jalè," onídìrí wí, "àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ tà fún gbogbo wa. Ẹ̀yin tí ẹ bi mí ní gbogbo ìbéèrè yẹn. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ọkọ mi fún yín."

"Lẹ́tà yín yàtọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra. Ẹ ṣí i, ẹ wò ó, ti ẹnì kankan kò jọ ti ẹnì kejì."

"Ẹni tó yẹ kó ṣí i ò ṣí i, Àǹtí."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un dé egungun. Ojú tì í débi tí ò lè gbé orí sókè, torí òótọ́ ni. Ó ti tẹnu mọ́ ọn fún gbogbo wọn pé ẹni tó sin àlejò wá á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò rò ó rí pé onílé lè rí ojú ẹnì kan náà tó ń sin àlejò wá léraléra débi tí kò ní wo àlejò mọ́. Nígbà tí wọ́n túká, ó ṣí àpótí ímeèlì tirẹ̀. Ìlà méjì yẹn náà wà níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ béèrè bó ṣe máa ń béèrè. Bọ́ńjúù ní wọn ò tíì dáhùn, pé ọ̀la lòun máa lọ bá wọn níbẹ̀. Ìyá náà ní kó wọ bàtà dúdú, nítorí èèyàn kì í rí orí àlejò kó tó rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ibi tó ti rí èyí.

Iléeṣẹ́ akẹ́rù náà tóbi níta, ó há nínú. Wọ́n ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì jókòó títí ìdí fi ń ta á, kí wọ́n tó pè é wọ ọ́fíìsì ìgbanisíṣẹ́. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tó o lọ́jọ́ orí. Ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń kán sínú korobá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rọra ti korobá náà sí àyè rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó dìde fún un. Ó ní kó jókòó. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló sì mú ọ̀rọ̀ náà le.

"Màmá, ẹ wò ó." Ó ti tẹ gbogbo àwọn ímeèlì náà sórí bébà, ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni ń to káàdì. "Èmi ò gbọ́ Faransé, mi ò ní parọ́. Àwọn ọ̀gá tó gbọ́ ọ wà ní orílé iṣẹ́ wa lókèèrè, orúkọ mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́. Mo fi ẹ̀rọ ìtumọ̀ orí fóònù wo àwọn wọ̀nyí. Èyí ní òun ń kan ilẹ̀kùn wa. Èyí náà ń kan ilẹ̀kùn wa. Gbogbo yín lẹ ń kan ilẹ̀kùn wa. Ta ni kí n ṣí i fún?"

"Èmi ni mo kọ gbogbo wọn, sà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í ṣe ẹ̀rín ìyọṣùtì. "Ẹni mẹ́ta ti jókòó sórí àga yẹn láàárọ̀ yìí, tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

Bọ́ńjúù yíjú sí Faransé. Ó sọ ọ́ ní tààrà, ó sọ ọ́ dáadáa, ó sọ ibi tó ti kọ́ ọ, ó sọ ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òun síwájú ẹni tó máa gbọ́ ohun tí òun ń wí. Ọkùnrin náà ń tẹ́tí, ó ń mi orí, bí èèyàn ṣe ń tẹ́tí sí orin tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó dákẹ́, ọkùnrin náà ní, "Ó dùn létí. Àmọ́ ṣé ẹ rí i, ti àwọn yẹn náà dùn létí."

"Ẹ ṣí fáìlì tí mo so mọ́ ọn nígbà náà, sà. Ẹ fi ẹ̀rọ yín ka lẹ́tà mi. Kò jọ ti ẹnikẹ́ni."

"Màmá, àṣẹ tí wọ́n fún mi ni pé tí ímeèlì bá ti jẹ́ àdàkọ, mi ò gbọ́dọ̀ dé ìdí fáìlì. Ká ní mo ṣí tiyín, mo máa ṣí ti gbogbo wọn." Ó wo aago ara ògiri. "Ẹ jẹ́ ká ṣe báyìí. Orúkọ méjì ni mo ní lọ́wọ́, ìkẹta ò tíì pé, mo sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lọ́sàn-án òní. Bébà rèé, bírò rèé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lóòótọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ímeèlì ìwáṣẹ́ kan níhìn-ín kí n rí i."

Ó mú bírò. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Tó bá kọ òmíràn, ọkùnrin yìí á ní èyí kọ́ lẹ fi ránṣẹ́, ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ìwé ara yín. Tó bá kọ èyí tó fi ránṣẹ́, á ní ẹ kọ́ ọ sórí. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ó kọ *Madame, Monsieur*. Ó dúró. Ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn nínú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò tíì yá ẹnikẹ́ni, ó wá a títí, bí èèyàn ṣe ń tú àpótí aṣọ tó ti pín tán fún àwọn ẹlòmíì. Ohun tó kù níbẹ̀ ni gbólóhùn yẹn. Òun náà ló sì dára jù. Òun ni òótọ́. Ó kọ ọ́.

Kò gbójú sókè títí ó fi dé ìdágbére. Ọkùnrin náà gba bébà náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ibi tí ìka rẹ̀ ti kọsẹ̀. Àmì kékeré inú gbólóhùn pàápàá, ibi tí ó yẹ kó wà ló wà.

"Ẹ kọ́ ọ sórí dáadáa," ó wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe é, èèyàn lè gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀. Ó kó gbogbo bébà náà pọ̀, ó fi tuntun yẹn sórí wọn.

Bọ́ńjúù gbé bírò náà sílẹ̀. Ó ti tán, ó sì mọ̀ pé ó ti tán. Ó dìde, ó ṣe àga padà sí àyè rẹ̀, bí olùkọ́ ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti dé ìdí ilẹ̀kùn kí ọkùnrin náà tó tún pè é.

"Màmá, ẹ má bínú." Ojú ń tì í díẹ̀. "Ẹni tó ń kọ èyí fún yín gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ o. Mo ní ọmọbìnrin kan nílé tó ń wá iṣẹ́, ó ti tó ọdún méjì. Àwọn iléeṣẹ́ míì ò lè mọ̀ pé àdàkọ ni. Níbo ni mo ti lè rí ẹni náà?"

Bọ́ńjúù gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó gba bírò, ó kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù náà sórí bébà kan fún un, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà mú síífíì rẹ̀ dání. Ó ní kó má kánjú tó bá dé ibẹ̀, torí ẹni náà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ èèyàn kó tó kọ lẹ́tà fún un.